Ẹ Má Yọ Òkú Báńkì Kúrò Nínú Ìṣirò

Ẹ̀yin ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, àti ẹ̀yin ará Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà tí ẹ jọ ń ṣe é, ó ti dé etí mi pé ẹ ti ń kó iye owó ṣíà ọdún mẹ́wàá, ọdún márùndínlógún, sínú kọ̀ǹpútà, tí ẹ sì ń bi í léèrè pé: ká ní mo ti ra báyìí, tí mo sì tà báyìí, èló ni ì bá wà lọ́wọ́ mi lónìí? Ìbéèrè náà dára. Ìdáhùn tó ń fún yín ni mo ń bẹ̀rù, torí ó máa ń dùn ju bí ó ti yẹ lọ. Àárín àwọn alágbàtà ṣíà ní Èkó ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó padà wálé, mo sì mọ ohun tó máa ń sọnù nínú irú dátà bẹ́ẹ̀. Mo to ọ̀rọ̀ mi ní nọ́ńbà kí ẹ lè rí i tọ́ka sí. Àwọn kan gùn, àwọn kan kò gùn, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe tó ni mo ṣe sọ ọ́.

1. Àwọn tó ti kú ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Ẹ̀yin náà mọ iṣẹ́ ẹmu ní Ìlá níbí. Bí àlejò bá wọ̀lú, tó bi gbogbo adẹ́mu tó rí láàárọ̀ bóyá igbà ti já mọ́ wọn lọ́wọ́ lórí ọ̀pẹ tí wọ́n sì kú, gbogbo wọn ni yóò dáhùn pé rárá. Àlejò náà yóò wá kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀pẹ gígùn kò léwu. Kò sí ẹni tó purọ́ fún un. Àwọn tí ì bá fún un ní ìdáhùn mìíràn ni kò sí níbẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn bí ẹ bá gba orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lórí ọjà lónìí, tí ẹ wá lọ wo bí wọ́n ti ṣe láti 2008. Kò sí àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa ju ti àwọn báńkì lọ. Ní oṣù Keje 2004 ni Charles Soludo, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, pàṣẹ pé kí owó ìpìlẹ̀ báńkì kọ̀ọ̀kan má dín ní bílíọ̀nù 25 náírà kí 2005 tó parí. Báńkì 89 para pọ̀ di 25. Láti rí owó náà, wọ́n ta ṣíà fún gbogbo ayé, títí kan àwọn olùkọ́ àti àwọn oníṣòwò ní ìlú kéékèèké bíi tiwa. Ọjà gbóná títí di oṣù Kẹta 2008, nígbà tí àtòṣà gbogbo ṣíà tó wà lórí ọjà fi ga ju 66,000 lọ, lẹ́yìn náà ló já. Ní oṣù Kẹjọ 2009, Sanusi Lamido Sanusi, tó gba ipò lọ́wọ́ Soludo, yọ ọ̀gá àgbà báńkì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà: Afribank, FinBank, Intercontinental, Oceanic àti Union. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ 2011, Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ Afribank, Bank PHB àti Spring Bank. Àwọn tó fi owó pamọ́ síbẹ̀ kò pàdánù, torí wọ́n kó owó wọn lọ sí báńkì tuntun mẹ́ta: Mainstreet, Keystone àti Enterprise. Àwọn tó ní ṣíà ni kò rí kọ́bọ̀. Skye Bank náà tẹ̀ lé wọn ní oṣù Kẹsàn-án 2018, ó di Polaris, ìwé ṣíà tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn sì di bébà lásán.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é. Ká ní ẹnì kan pín mílíọ̀nù kan náírà sí báńkì mẹ́wàá ní 2008, ₦100,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí Afribank, Bank PHB àti Skye sì wà nínú wọn. Ká ní méje yòókù di ìlọ́po méjì. Ẹni tó mú orúkọ lórí àtẹ òní yóò rí méje péré, prógíráàmù rẹ̀ yóò sì sọ fún un pé owó ti di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ní ₦1,400,000 lọ́wọ́, èrè rẹ̀ sì jẹ́ ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Èmi ni mo fi ẹnu ṣe iye ìlọ́po méjì yẹn, kí ìṣirò lè rọrùn. Ikú àwọn mẹ́ta náà kì í ṣe ẹnu mi.

Ọ̀nà tí ẹ fi lè mọ̀ bóyá dátà tiyín ní àrùn yìí kò le rárá. Ẹ wá `SKYEBANK` nínú rẹ̀. Ẹ wá Afribank. Bí ẹ kò bá rí wọn, ẹ mú ọjọ́ kan ní 2008, ẹ ka gbogbo orúkọ tó ní iye owó lọ́jọ́ náà, kí ẹ wá wo mélòó nínú wọn ló ṣì wà lórí ọjà. Bí gbogbo wọn bá ṣì wà, ẹnì kan ti gbá àwọn òkú kúrò kí dátà náà tó dé ọwọ́ yín.

2. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó kúrò lórí ìwé ló kú.

Bí ọmọ bá gbọ́ ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ yìí, ohun tó máa ń ṣe tẹ̀ lé e ni pé yóò kọ òdo síwájú gbogbo ṣíà tó pòórá. Àṣìṣe nìyẹn náà, ìhà kejì ló wulẹ̀ kọjú sí.

Ẹ wo Diamond Bank. Ní oṣù Kejìlá 2018, Access Bank kéde pé òun fẹ́ gbé e mì. Ohun tí wọ́n fún ẹni tó ní ṣíà Diamond ni náírà kan owó ọwọ́ lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan, àti ṣíà Access tuntun méjì fún ṣíà Diamond méje. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦3.13 lórí ṣíà kan, nígbà tí iye tí wọ́n ń tà á lórí ọjà ní ọjọ́ 13 oṣù náà kò ju 87 kọ́bọ̀ lọ. Ní oṣù Kẹta 2019, ìdàpọ̀ náà parí, Diamond sì kúrò lórí ìwé.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ní ṣíà Diamond 7,000. Ní iye 87 kọ́bọ̀, ₦6,090 ni gbogbo ẹrù rẹ̀. Nígbà tí ìdàpọ̀ parí, ó gba ₦7,000 lówó, ó sì tún ní ṣíà Access 2,000. Bí a bá fi ₦3.13 yẹn ṣírò, ₦21,910 ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn ni pé a ka ṣíà Access kọ̀ọ̀kan sí bíi ₦7.46. Prógíráàmù tó bá kọ òdo fún Diamond ti jí owó yìí gbé. Èyí tó bá sì dá a dúró sí orí iye tí wọ́n tà á kẹ́yìn, tó gbàgbé ṣíà Access, kò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó náà lẹ́yìn 2019, torí ẹrù ọkùnrin yẹn kò kú, ó ṣí lọ sí ilé mìíràn ni.

Àwọn mìíràn ń gba owó ọwọ́ nìkan. Nígbà tí ilé iṣẹ́ oògùn GSK kéde ní 2023 pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà, ₦17.42 lórí ṣíà kan ni wọ́n fi sanwó fún àwọn onípìn-ín kéékèèké. Ibẹ̀ ni ìtàn ṣíà náà parí sí, ẹ ó sì gbé owó yẹn sínú àpò ìṣirò yín ní ọjọ́ tó wọlé.

Nítorí náà, ẹ ṣí ìwé kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó lọ, kí ó sọ oṣù ìparí, ìdí, àti ohun tí onípìn-ín gbà:

```
nomba,ami,osu_ipari,idi,owo,sia_tuntun,nomba_tuntun
12,DIAMONDBNK,2019-03,idapo,1.00,2/7,3
31,SKYEBANK,2018-09,gba_iwe_ase,0,0,
```

Nọ́ńbà 3 tó wà níbẹ̀ ni Access nínú ìwé tiyín. Ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ti tó.

Àwọn ará Amẹ́ríkà pàápàá ti kọsẹ̀ níbí. Ní Yunifásítì Ṣikágò ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó dátà ṣíà jọ ní 1960, tí ó lọ sẹ́yìn dé 1926, síbẹ̀ ní 1997 ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Tyler Shumway fi hàn pé èrè ìkẹyìn ọ̀pọ̀ ṣíà tí wọ́n yọ nítorí ìṣubú kò sí nínú dátà náà. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé, níbi tí kò bá sí iye kan, kí a fi òfò ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún sí i fún àwọn ọjà ńlá wọn. Ẹ má gbé ọgbọ̀n yẹn wá sí Èkó. Àwọn báńkì tí wọ́n gba ìwé àṣẹ wọn níbí, ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni òfò wọn.

3. Àádọ́ta kọ́bọ̀ kì í ṣe iye owó.

Èyí ni àwọn tó kọ́ iṣẹ́ yìí lórí dátà òkè òkun kì í mọ̀. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2018, òfin ọjà ṣíà Nàìjíríà kò gbà kí iye ṣíà sọ̀kalẹ̀ kọjá iye ìpìlẹ̀ tó wà lójú ìwé rẹ̀, 50 kọ́bọ̀ sì ni èyí fún ọ̀pọ̀ jùlọ. Ilé iṣẹ́ tó bá ń kú lọ yóò já títí yóò fi kan ilẹ̀, yóò sì jókòó síbẹ̀ fún oṣù, fún ọdún. Nínú dátà, ìlà tó tẹ́jú ni ẹ ó rí: 0.50, 0.50, 0.50. Ó dà bí ẹni pé ara rẹ̀ balẹ̀. Prógíráàmù tó ń wá ṣíà tí iye rẹ̀ kì í mì yóò tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, yóò ní kò léwu.

Lọ́dọ̀ alágbàtà, ohun tí 50 kọ́bọ̀ yẹn ń sọ ni pé àwọn tó fẹ́ tà tò síta, kò sì sí ẹni tó fẹ́ rà. Ìyá kan lè gbé ìwé ṣíà rẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ó ṣì wà lórí tábìlì yín títí di ọjọ́ Ajé mìíràn. Nítorí náà ẹ wo iye ṣíà tí wọ́n tà lójúmọ́, kì í ṣe iye owó nìkan. Bí iye owó bá wà ní 0.50 tí èyí tí wọ́n tà sì jẹ́ òdo tàbí táṣẹ́rẹ́, ẹ sọ fún prógíráàmù yín pé kò lè tà lọ́jọ́ náà. Bákan náà ni fún ọjọ́ tí wọ́n bá dá títà ṣíà kan dúró pátápátá. Iye tó kẹ́yìn kò ní jẹ́ iye tí ẹnikẹ́ni rí gbà bí ìdádúró náà bá fi parí sí gbígba ìwé àṣẹ.

4. Bónọ́ọ̀sì, pípín ṣíà sí wẹ́wẹ́, àti kíkó wọn pọ̀.

Ìṣirò ibí yìí rọrùn, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ bá fún yín ní bónọ́ọ̀sì ṣíà kan lórí márùn-ún, márùn-ún ti di mẹ́fà, iye ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì wálẹ̀ sí ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà. Kò sí ẹni tó jèrè, kò sí ẹni tó pàdánù. Ẹ ó fi ìdá yẹn sọ gbogbo iye owó tó ṣáájú ọjọ́ náà di púpọ̀, kí ìlà náà lè so pọ̀.

Ní Nàìjíríà, kíkó pọ̀ ló ń tan àwọn ọmọdé jẹ jù. Ní 2024, Transcorp kó ṣíà mẹ́rin di ẹyọ kan, iye ṣíà rẹ̀ sì já láti bíi bílíọ̀nù 40.6 sí bíi bílíọ̀nù 10.2. Ṣíà tí ẹ bá rà ní ₦11, ₦44 ni ẹ ó bá a. Nínú dátà tí wọn kò tún ṣe, èrè ìdá ọ̀ọ́dúnrún nínú ọgọ́rùn-ún ló jọ, lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí prógíráàmù yín bá ń lépa ṣíà tó ń sáré, òun ni yóò kọ́kọ́ gbá mú. Ẹ fi mẹ́rin sọ iye owó àtijọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì fi mẹ́rin pín iye ṣíà tí wọ́n tà lójúmọ́. Apá kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, tí ó wá dà bí ẹni pé ọjà ṣíà náà gbẹ lójijì.

Ìṣọ́ra kan tó: níbikíbi tí iye owó bá fò tàbí já ju ìdá mẹ́wàá lọ láàárín ọjọ́ kan, ẹ dúró wò ó. Ọjà wa ní òdiwọ̀n bí ṣíà ṣe lè gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀ lójúmọ́, ìdá mẹ́wàá sì ni fún púpọ̀ nínú wọn. Ìfò tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé ni wọ́n tún ṣe, kì í ṣe ọjà ló gbé e.

5. Owó èrè tí wọ́n pín.

Ní ọdún ìṣirò 2018, Zenith Bank san ₦2.80 lórí ṣíà kan: 30 kọ́bọ̀ ní àárín ọdún, àti ₦2.50 ní ìparí. Ká ní ₦25 ni iye ṣíà náà nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n yọ ẹ̀tọ́ sí ₦2.50 náà kúrò lára rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọjà fúnra rẹ̀ yóò gé e sí ₦22.50, yóò sì kọ ọ́ sínú ìròyìn ọ̀sẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ àtúnṣe iye owó. Prógíráàmù tí kò mọ̀ nípa owó èrè yóò sọ pé ìdá mẹ́wàá ti sọnù. Kò sí ohun tó sọnù, owó ti wọ àpò mìíràn.

Bí P bá jẹ́ iye ìrọ̀lẹ́ yẹn, tí D sì jẹ́ owó èrè:

```
f = (P - D) / P = (25 - 2.50) / 25 = 0.90
```

Gbogbo iye tó ṣáájú ọjọ́ náà ni ẹ ó fi 0.90 sọ di púpọ̀. Bí owó èrè mìíràn bá tún wá lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó fi f tirẹ̀ náà sọ ọ́ di púpọ̀, tó fi jẹ́ pé iye 2008 yóò ru gbogbo f tó wá lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun méjì ló kù níbí. Àkọ́kọ́, ọjọ́ tí ẹ̀tọ́ kúrò ni ẹ ó lò, kì í ṣe ọjọ́ tí owó wọ báńkì, torí ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lè wà láàárín méjèèjì. Èkejì, ìjọba ti máa ń yọ owó orí ìdá mẹ́wàá kí owó tó dé ọwọ́ yín. Nínú ₦2.50, ₦2.25 lẹ rí, f tiyín sì jẹ́ 0.91. Bí ìbéèrè yín bá jẹ́ bí ṣíà náà ti ṣe sí, ẹ lo 0.90. Bí ó bá jẹ́ èló ni ì bá wà lọ́wọ́ mi, ẹ lo 0.91.

Àwọn ojú ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ṣe èyí fún yín tẹ́lẹ̀, wọ́n ń pè é ní `Adj Close`. Bí ẹ bá lo iyẹn, tí ẹ sì tún fi owó èrè kún un, ẹ ti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wo ọjọ́ kan ṣáájú owó èrè tí ẹ mọ̀: bí `Close` àti `Adj Close` bá dọ́gba, wọn kò tún un ṣe.

Ẹ fi èyí sọ́kàn pẹ̀lú nígbà tí ẹ bá ń fi ara yín wé àtòṣà ọjà. Iye owó nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sí owó èrè. Àtòṣà náà kò padà kọjá góńgó 2008 títí di 2023, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba owó èrè rẹ̀ lọ́dọọdún kò dúró dé ìgbà yẹn kí ó tó rí owó rẹ̀. (Ohun tí náírà ti dà láàárín ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni.)

6. Ẹ tọ́jú iye owó méjèèjì.

Iye tí a ti tún ṣe dára fún wíwọn èrè, kò dára fún ṣíṣe ìpinnu. Bí òfin yín bá jẹ́ kí ẹ máa ra ṣíà tí kò tó ₦1, iye 2010 tí ẹ ti fi f mẹ́wàá gé kù lè jẹ́ 80 kọ́bọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ₦2 ni wọ́n ń tà á lọ́jọ́ náà gan-an. Kò sí ẹni tó rí 80 kọ́bọ̀ ní 2010, torí ó ti gbé owó èrè 2015 mọ́ra. Iye gidi ni kí ẹ fi pinnu, kí ẹ wá fi èyí tí a tún ṣe ka èrè.

7. Ẹ má fi àmì orúkọ so ìtàn pọ̀.

Àmì tó ń jẹ́ `GUARANTY` di `GTCO` ní 2021, `ACCESS` di `ACCESSCORP` ní 2022. Ilé iṣẹ́ kan náà ni, ó kàn wọ aṣọ tuntun. Bí ẹ bá fi àmì ṣe ìdánimọ̀, prógíráàmù yín yóò rò pé báńkì méjì kú, a sì bí méjì mìíràn. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà tiyín fi wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tí mo kọ lókè. Kí ó má yí padà láé.

8. Ibi tí àwọn òkú wà.

Ẹnikẹ́ni kò ní kó wọn fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ nínú fáìlì kan. Ọjà ṣíà máa ń tẹ àtẹ iye owó ojoojúmọ́ jáde, ó sì ti tẹ ìwé ìròyìn ọdọọdún jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ Èkó náà máa ń tẹ àtẹ iye ṣíà sí ojú ewé òwò, àwọn ilé ìkàwé tó ń tọ́jú ìwé ìròyìn àtijọ́ sì ní wọn. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni ẹ nílò. Àtẹ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan tó láti mọ ẹni tó wà láàyè nígbà náà. Ẹ wá fi ọdún kan wé èyí tó tẹ̀ lé e. Orúkọ tó bá wà nínú èkíní tí kò sí nínú èkejì, ẹ wádìí rẹ̀: ó kú ni, wọ́n gbé e mì ni, wọ́n rà á jáde ni, àbí ó pa orúkọ dà?

Yóò ku àwọn kan tí ẹ kò ní rí òpin wọn. Ẹ má fi àbá kan ṣoṣo sí wọn kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú òdo, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú iye tí wọ́n tà á kẹ́yìn. Bí ọgbọ́n ìrajà yín bá ń jèrè ní ẹ̀gbẹ́ kan tó sì ń pàdánù ní ẹ̀gbẹ́ kejì, a jẹ́ pé àwọn tí ẹ kò mọ òpin wọn ló ń sọ̀rọ̀, ẹ padà sí ìdí àtẹ àtijọ́ kí ẹ tó fi owó ẹnikẹ́ni ra ṣíà.